Láti Ìlà Kan sí Apá Mẹ́ta: Òṣùwọ̀n Kajú Tó Ń Purọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará Kàbà, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Ìyàrá, Mọ̀pà àti Ìsánlú wá. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtàn kúkúrú. Ọ̀rọ̀ yẹn ju wákàtí kan lọ, nítorí náà ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a dúró sí lónìí, ìyẹn àárín ìgbà tí gbólóhùn kan sọ sí èèyàn lọ́kàn àti ìgbà tó máa kọ ìlà àkọ́kọ́ ìtàn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtàn ń kú sí. Ẹni tó rí gbólóhùn tó dùn á sáré mú bírò, á kọ ojú-ìwé mẹ́ta, á wá dúró gbagidi, kò ní mọ ibi tó kàn. Yóò ní ìmísí ti lọ. Ìmísí kò lọ síbì kankan. Ìlapa èrò ni kò ṣe.

Gbólóhùn tí a máa fi ṣiṣẹ́ nìyí. Èmi ni mo ni ín, mo sì ti fi kọ ìtàn tí kò dára lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí ọ̀nà rẹ̀:

Ọmọ kan tó ń bá bàbá rẹ̀ kọ ìwé nídìí ìwọ̀n kajú rí i pé òṣùwọ̀n bàbá òun ń purọ́.

Kò sí ẹni tí mo ní láti júwe ibùdó ìtàn yìí fún nínú yín. Tí oṣù Kejì bá ti wọlé títí di oṣù Karùn-ún, ẹ ó rí àtíbàbà ẹ̀bá títì, àpò lórí àpò, òṣùwọ̀n àgbékọ́ tó rọ̀ sórí igi, àti àwọn ìyá tó ru agbọ̀n kóró kajú bọ̀ láti oko. Ẹnì kan jókòó ti owó, ẹnì kan ń wo òṣùwọ̀n, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ inú ìtàn mi ni ó ń kọ ọ́. Mo sọ ọ́ ní Dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ba ìtàn náà jẹ́. Nígbà àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Dúpẹ́ wà ní kékeré. Mo kọ bí ìyá rẹ̀ ṣe kú, bí bàbá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ òwò kajú, bí ọmọ náà ṣe mọ ìṣirò. Ojú-ìwé mẹ́rin kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fi ohunkóhun kọ́ òṣùwọ̀n. Gbogbo ohun tí mo kọ ló jẹ́ òótọ́ nípa wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ ìtàn. Nígbà kejì, mo tètè dé ìdí òṣùwọ̀n, ọmọ náà rí irọ́ náà, ó sunkún, ó gbàdúrà, kò mọ ohun tó máa ṣe. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà mo pe òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá láti Lọ́kọ́jà, ó yẹ òṣùwọ̀n wò, ó mú bàbá lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kà á bi mí léèrè pé, "Kí ni ọmọ yẹn ṣe?" Mo wo ìwé náà títí. Kò ṣe nǹkan kan. Mo ti gba ìtàn lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún àlejò.

Àṣìṣe méjèèjì yìí ni ìpín sí apá mẹ́ta wà fún.

Ìpín náà ti pẹ́. Arisitótù ará Gíríìsì ti sọ ọ́ ṣáájú ìbí Kírísítì pé ìtàn tó pé gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin. Ní 1979, Syd Field, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kíkọ eré sinimá, fi iye sí i fún àwọn òǹkọ̀wé eré: eré tó bá jẹ́ ojú-ìwé 120, kí apá kìn-ín-ní gba nǹkan bí 30, kí apá kejì gba 60, kí apá kẹta gba 30. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé ìdá mẹ́rin, ìdá méjì, ìdá mẹ́rin yìí kiri bí ẹni gbé òṣùwọ̀n. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n eré wákàtí méjì ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ìtàn tí mo ń sọ yìí jẹ́ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 2,500, ojú-ìwé mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá gbé ohun tó wà nínú sinimá wá síbẹ̀, tó kàn sọ gbogbo rẹ̀ di kékeré, ohun tó máa rí ni àkópọ̀ ìtàn, kò ní rí ìtàn. Mo gbà pé ohun mẹ́ta ló ń yí padà nínú ìtàn kúkúrú. Wàhálà kan ṣoṣo ló ń gbà. Ẹ̀dá ìtàn tó ń gbà kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ìgbésí ayé ẹ̀dá ìtàn ṣáájú wàhálà náà kò sì ní àyè tirẹ̀. Inú ìṣe ló ń gbé, nínú gbólóhùn kan níhìn-ín, èkejì lọ́hùn-ún.

Apá kìn-ín-ní dópin nígbà tí olú ẹ̀dá ìtàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí kò ṣe é yí padà. Apá kejì ni ohun tí ìṣe yẹn bí, tó ń le sí i, títí a ó fi bá a níbi tí kò ti lè ṣe méjì pọ̀ mọ́. Apá kẹta ni ohun tó yàn àti iye tó san. Tí ẹ bá di èyí mú, ẹ lè gbàgbé ojú-ìwé mélòó.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí òṣùwọ̀n.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nígbà kẹta ni pé mo bi gbólóhùn náà ní ìbéèrè. Gbólóhùn náà kò tíì pé. Ó sọ ohun tí ọmọ náà rí, kò sọ ohun tó fẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan, tó bá rí irọ́, á kọjá lọ. Nítorí náà mo bi í: kí ni Dúpẹ́ ń fẹ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn? Ó fẹ́ padà sí ilé-ìwé. Ta ló máa san owó rẹ̀? Bàbá rẹ̀. Láti inú kí ni? Láti inú òwò kajú. Ẹ rí i? Irọ́ òṣùwọ̀n náà ló ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Mi ò ní láti wá ọ̀tá wá láti Lọ́kọ́jà mọ́. Ohun tó fẹ́ àti ohun tó kórìíra ti wà nínú àpò kan náà.

Ìbéèrè kejì ni pé ta ni irọ́ náà ń dùn jù? Níbí ni mo ní láti mọ bí òṣùwọ̀n ṣe ń purọ́ gan-an, nítorí mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá fẹ́ kọ nípa iṣẹ́ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ìdí iṣẹ́ náà kí ẹ tó ṣe ìlapa èrò, torí inú ìdí iṣẹ́ ni àhunpọ̀ ìtàn máa ń sá pamọ́ sí. Mo pinnu pé wọ́n ti há ọwọ́ òṣùwọ̀n yìí mọ́lẹ̀ débi pé kílò mẹ́rin àkọ́kọ́ kì í mì í rárá. Ohun tó bá wọn kílò 80, 76 ló máa kà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wàyí. Ọkùnrin tó ní oko ńlá gbé àpò kílò 80 wá, mẹ́rin lọ, kò tilẹ̀ ní fura. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí kò lè ru ẹrù wíwúwo, tó ń fi agbọ̀n gbé kílò 12 wá lẹ́ẹ̀marùn-ún, mẹ́jọ ni òṣùwọ̀n ń kà fún un nígbà kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta kílò ló rù wá, ogójì ni wọ́n sanwó rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ẹni tí kò lágbára ló ń san jù. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí tán ni mo mọ ẹ̀dá ìtàn mi kejì: Màmá, ìyá tó bí ìyá Dúpẹ́, tó ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú agbọ̀n kékeré.

Bàbá ni ẹ̀kẹta. Táyé, ọmọkùnrin tó ń bá wọn gbé ẹrù, ni ẹ̀kẹrin. Mo ti ìlẹ̀kùn.

Lẹ́yìn èyí, mi ò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òpin apá kejì ni mo kọ́kọ́ wá, ibi tí Dúpẹ́ kò ti lè dákẹ́ kó sì tún jẹ́ ọmọ rere. Nítorí ibẹ̀ ni ìtàn ń lọ, ibẹ̀ náà ló sì ń sọ fún wa ohun tó yẹ kí a gbìn sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi ara mi pé kí ló lè mú ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba? Ìbínú kò tó. Àánú Màmá kò tó, torí ó lè ràn án lọ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ohun tó lè mú un sọ̀rọ̀ ni kí ẹlòmíì máa jìyà ohun tí òun gan-an ṣe. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, níwájú àwọn oníkajú, bàbá ní kí Táyé kó ẹrù rẹ̀, olè ni. Dúpẹ́ nìkan ló mọ̀ pé kò jalè.

Báwo ni a ṣe dé ibẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló máa fi "lẹ́yìn náà" dé ibẹ̀. Dúpẹ́ rí irọ́, lẹ́yìn náà Màmá ṣàìsàn, lẹ́yìn náà nǹkan sọnù, lẹ́yìn náà wọ́n mú Táyé. Ẹ ka ìlapa èrò yín sókè, kí ẹ gbọ́ ohun tó so ìran kan mọ́ ìkejì. Tó bá jẹ́ "lẹ́yìn náà" ni ẹ ń gbọ́ níbi méjì tẹ̀lé ara wọn, àárín ìtàn yín ti là. Ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni "nítorí náà" tàbí "ṣùgbọ́n". Mo kọ apá kejì mi báyìí:

Dúpẹ́ ń fi kílò mẹ́rin kún ti àwọn ìyá alágbọ̀n nínú ìwé. Nítorí náà, ìròyìn tàn pé ìwọ̀n ibẹ̀ dára, àwọn ìyá sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Inú bàbá dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù dé, tí oníṣòwò ńlá fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ wọn gbogbo àpò, àlékún tí bàbá máa ń rí kò tó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ó gbà pé ẹnì kan ń yọ kajú lóru. Táyé ló ń sùn sídìí ẹrù.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ohun tó wá láti ìta. Inú rere ọmọ náà ló bí gbogbo rẹ̀, bó sì ṣe ń yọrí sí rere ló ń burú sí i. Mo yẹ ìṣirò rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí òǹkàwé tó ti dúró nídìí òṣùwọ̀n rí máa yẹ̀ ẹ́ wò: bàbá ń sanwó lórí ohun tó wà nínú ìwé, tí ìwé bá sọ òótọ́, iye tó sanwó rẹ̀ àti iye tó wà nínú àpò dọ́gba, àlékún tó máa ń ti irọ́ wá kò sí mọ́. Ó ṣe déédéé. Ká ní kò ṣe déédéé ni, bó ti wù kí èdè mi dùn tó, okùn ìtàn náà ti já nìyẹn.

Ìran kan ṣì kù ní àárín, èmi sì ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù. Kí bàbá tó fura sí Táyé, Dúpẹ́ gbìyànjú ọ̀nà tó rọrùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe jẹ́ ká ra òṣùwọ̀n tuntun?" Bàbá wò ó, ó wọlé, ó gbé àpò ìwé kan jáde, owó ilé-ìwé rẹ̀ ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ó ní, "Òṣùwọ̀n yìí ló ń rán ọ lọ." Ǹjẹ́ ó mọ̀ pé ọmọ òun mọ̀? Mi ò sọ. Ìran yìí ló ń gba ọ̀rọ̀ jù nínú ìlapa èrò mi, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 500, nítorí ibẹ̀ ni bàbá ti kúrò ní olè lásán, ó di bàbá. Láìsí i, apá kẹta máa rọrùn fún ọmọ náà, ohun tó bá sì rọrùn kì í ṣe yíyàn.

Ní báyìí tí mo ti mọ òpin apá kejì, mo padà sí apá kìn-ín-ní láti gbìn ín. Ohun mẹ́ta ni mo nílò níbẹ̀: kí Dúpẹ́ mọ̀ dájú pé òṣùwọ̀n ń purọ́, kí Táyé wà níbẹ̀, kí Dúpẹ́ sì ṣe ohun tí kò lè yí padà. Báwo ni ọmọ ṣe ń mọ̀ dájú pé òṣùwọ̀n ń purọ́? Ó ní láti fi ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ ti hàn kọ́ ọ. Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, mo wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Lọ́kọ́jà, tírélà sìmẹ́ńtì ń ti Ọbájánà bọ̀ níwájú wa, mo sì pariwo nínú ọkọ̀. Sìmẹ́ńtì! Kílò 50 ni àpò kan, wọ́n kọ ọ́ sí i lára, kò sí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní agbègbè wa tí ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Bàbá ń fi yàrá kan kún ẹ̀yìn àtíbàbà rẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì ti wà nílẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó máa fura sí i.

Nítorí náà, ìran kìn-ín-ní: òwúrọ̀, àwọn oníkajú kò tíì dé. Táyé fẹ́ fi agbára han Dúpẹ́, ó fi ọwọ́ kan gbé àpò sìmẹ́ńtì, ó fi okùn kọ́ ọ sórí òṣùwọ̀n. Ó bi í pé, "Mélòó?" Dúpẹ́ wo òṣùwọ̀n. Ó ka mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó sì dáhùn pé, "Àádọ́ta."

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Ní èdè wa, a kì í lè pe 46 láì dárúkọ 50 àti mẹ́rin tó dín nínú rẹ̀. Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Olè náà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú iye tó jí àti ohun tó jí i lára rẹ̀. Mi ò wá èyí. Mo kàn ka ìlapa èrò mi sókè ni, mo gbọ́ ọ. Tí ẹ bá ń fi èdè kan rò, tí ẹ sì ń fi òmíràn kọ, irú nǹkan báyìí máa kọjá lára yín.

Dúpẹ́ ti purọ́ fún Táyé lójú ìran àkọ́kọ́, nítorí bàbá rẹ̀. Gbèsè nìyẹn, yóò sì san án. Tí Táyé bá lọ tán, ó bu omi kún gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin, ó fi kọ́ ọ. Lítà omi kan, kílò kan. Ọwọ́ òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì rárá. Ó ti mọ iye rẹ̀ báyìí.

Ìran kejì: Màmá dé pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Òṣùwọ̀n ka mẹ́jọ. Bàbá láti ìdí owó ní, "Mélòó?" Dúpẹ́ ní méjìlá, ó sì kọ méjìlá. Inú ìwé ló wà, bírò ni, bàbá ti san owó. Apá kìn-ín-ní parí. Ìran méjèèjì kò ju ọ̀rọ̀ 550 lọ.

Apá kẹta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀. Àwọn oníkajú dúró, Táyé ń kó aṣọ rẹ̀. Dúpẹ́ lè pariwo pé, "Bàbá mi, ẹ̀yin lolè." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì pa á rẹ́. Ọmọ wa kì í bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn níwájú èèyàn, kò sì pọn dandan. Ó kàn ní, "Táyé, gbé sìmẹ́ńtì yẹn kọ́." Táyé gbé e kọ́, ó bi í bó ṣe bi í lọ́jọ́ kìíní: "Mélòó?" Dúpẹ́ wo bàbá rẹ̀, ó sì dáhùn pé, "Mẹ́rìndínláàádọ́ta." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ iye tí sìmẹ́ńtì ń wọ̀n. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún fẹ́ sọ.

Ìran tó kẹ́yìn jẹ́ ọjọ́ kejì. Èyí ni mo jà pẹ̀lú jù. Tí bàbá bá sunkún tó tọrọ àforíjì, mo ti san gbèsè náà fún un. Tí àwọn èèyàn bá dáná sun àtíbàbà, ìtàn ti bọ́ sọ́wọ́ àlejò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí mo kọ nìyí: àtíbàbà dá, kò sí oníkajú kankan. Màmá nìkan ló dé pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀, ó dúró lókèèrè. Òṣùwọ̀n kò sí lórí igi mọ́. Bàbá jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba agbọ̀n náà, ó gbé e sókè, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ tó di bírò mú, ó bi í pé, "Mélòó?" Ó parí síbẹ̀. Àwa kò gbọ́ ìdáhùn. Owó ilé-ìwé ńkọ́? Òǹkàwé á ronú nípa rẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ ọ́.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìran méje. Tí ẹ bá ṣírò ọ̀rọ̀ tí mo pín fún wọn, 550 fún apá kìn-ín-ní, 1,250 fún ìkejì, 700 fún ìkẹta. Kò jìnnà sí ìpín àwọn ará sinimá, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀rẹ̀ láti ìpín. Orí ojú-ìwé kan ṣoṣo ni ìlapa èrò náà wà, ìran kan gbólóhùn méjì. Tí tiyín bá ju ojú-ìwé kan lọ fún ìtàn báyìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ní ìwé ìtàn gígùn lọ́wọ́, ẹ wò ó dáadáa.

Olùkọ́ wa tó jókòó níwájú bi mí ṣáájú kí a tó bẹ̀rẹ̀ bóyá àlọ́ wa kò ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó ní. Nínú ọ̀pọ̀ àlọ́ àpagbè, Ìjàpá máa lọ lẹ́ẹ̀kan, á tún lọ, á tún lọ, orin kan náà ló ń so wọ́n pọ̀, ìlọ tó kẹ́yìn ni ọwọ́ á sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè fi ọ̀nà yẹn ṣe ìlapa èrò tó dára gan-an. "Mélòó" tó ń padà wá nínú ìtàn mi, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, bí orin àlọ́ ló ṣe rí: ohùn kan náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Àwọn ìtàn kan sì wà tí apá mẹ́ta kì í bá lára mu. Ìtàn tó jẹ́ ìran kan ṣoṣo, tí ẹni méjì jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tàbí ìtàn tí ẹnì kan fi ń rántí òkú. Tí ẹ bá fi agbára wá ìṣe tí kò ṣe é yí padà àti yíyàn síbẹ̀, ẹ ó fọ́ ọ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ gbólóhùn yín pé kí ni ẹ̀dá ìtàn ń fẹ́, tí ìdáhùn gidi kan ṣoṣo sì jẹ́ pé ó fẹ́ kí àná padà wá, ẹ wá ọ̀nà mìíràn fún un.

Àkókò ti ń lọ. Arákùnrin tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ìwọ lo fún mi ní ìwé tó ní, "Ìlú kan wà tí omi gbẹ níbẹ̀." Mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Ipò nǹkan ni gbólóhùn rẹ, kò tíì di ìtàn, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Sọ fún mi, nínú ìlú náà, ṣé gbogbo kànga ló gbẹ?

Ó ní ó ku ẹyọ kan, wọ́n tì í pa.

Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà?

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ọwọ́ ìyá mi."

Ó dáa. Mú bírò rẹ.